Ẹ Ka Aṣọ Ná, Kẹ́ Ẹ Tó Kọ Kérésìmesì Sí I

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú Oṣù Kejìlá, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú pálọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ka aṣọ tìmùtìmù. Ó kà á tán, ó tún un kà. Aṣọ 24 ló rán fún ọdún yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n ìwé ìtajà ń sọ pé àwọn ènìyàn ti sanwó fún 29. Ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ wá bá mi kà á o. Ó jọ pé mo ti gbowó márùn-ún lórí ohun tí mi ò ní."

Àdìrẹ ni ìyàwó mi ń rán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Abẹ́òkúta ló ń bá a ra aṣọ náà ní Ìtòkú, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí wa. Ìyàwó mi á gé e, á rán an sí aṣọ tìmùtìmù àti aṣọ ìnuwọ́ orí tábìlì, á sì tà á lórí Etsy, ọjà orí ẹ̀rọ ayélujára tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nìú Yọ́ọ̀kì lọ́dún 2005 fáwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan. Lórí ọjà yẹn, ohun kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Àwòrán wà níbẹ̀, àkọlé wà níbẹ̀, àlàyé wà níbẹ̀, iye owó àti iye tó kù nílẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Kí ọjà Kérésìmesì tó dé, gbogbo olùtajà ló máa ń padà sórí àwọn ewé wọ̀nyí láti tún wọn ṣe. Èmi ni mo ń dì í, èmi ni mo ń gbé e lọ sí pósífíìsì, nítorí náà ohun tí mo ń sọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́dún yẹn rọrùn láti ṣàlàyé. Aṣọ tìmùtìmù kan náà wà lójú ewé méjì. Ewé kìíní ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìyàwó mi sì kọ 24 sínú àpótí `Quantity`. Ewé kejì jẹ́ àdìpọ̀ ẹ̀bùn: aṣọ tìmùtìmù méjì, aṣọ ìnuwọ́ mẹ́rin, tó fi rípọ́ọ̀nù so pọ̀. Ó pín 24 sí méjì, ó kọ 12 síbẹ̀. Lójú rẹ̀, ìṣirò náà pé. Ṣùgbọ́n Etsy kò mọ̀ pé inú àpò kan náà ni ewé méjèèjì ti ń mú ẹrù. Bí ẹnì kan bá ra àdìpọ̀ kan, kò sí ohun tó máa yọ méjì kúrò lára 24 lójú ewé kejì, àfi tí olùtajà bá fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Aṣọ 48 la ń polówó, 24 la ní. A ta ẹyọ 15, a ta àdìpọ̀ méje, ìyẹn 14 sí i. Ibẹ̀ ni 29 ti wá.

Ẹni mẹ́ta la kọ̀wé bẹ̀ tá a sì dá owó wọn padà: àwọn méjì tó ra àdìpọ̀, àti ẹnì kan tó ra ẹyọ. Ọ̀kan nínú wọn fún wa ní ìràwọ̀ kan péré, ó ní ìyá òun lòun rà á fún, ọjọ́ sì ti lọ. Kò jẹ̀bi. Ta ni yóò fi sùúrù gba irú ìyẹn nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ méjì?

Láti ìgbà náà ni mo ti rí i pé ibi tí ọ̀pọ̀ olùtajà ti ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe yìí kò dára. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá: wọ́n á kọ Kérésìmesì sí àkọlé, wọ́n á lẹ ẹ̀bùn mọ́ gbogbo nǹkan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ronú àdìpọ̀, iye ẹrù ni wọn yóò rántí gbẹ̀yìn. Àwa ti dorí ẹ̀ kodò. Ọ̀sẹ̀ kìíní Oṣù Kẹwàá ni à ń kà á, kí a tó fọwọ́ kan lẹ́tà kan lórí ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọdún tó kọjá ṣe àpẹẹrẹ. Aṣọ tìmùtìmù 30 ló wà nílẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ 44. Ẹ ò ní fi ìyẹn nìkan ṣe nǹkan kan o, torí aró kì í mu bákan náà nígbà gbogbo. Ìyàwó mi tẹ́ gbogbo rẹ̀ síbi fèrèsé lọ́sàn-án, kì í ṣe lábẹ́ iná, ó sì pín in sí ọ̀nà méjì: 18 dúdú bí ojú ọ̀run òru, 12 yòókù fẹ́ẹ́rẹ́, bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Olóko kan náà ló rẹ wọ́n, àmọ́ kì í ṣe inú ìkòkò ọjọ́ kan náà. Ẹni tó ra ẹyọ kan kò ní mọ̀. Ẹni tó ra méjì tí ọ̀kan dúdú tí èkejì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ á fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí àga, á sì kọ̀wé sí wa. Nítorí náà àwọn dúdú nìkan ló lè wọ inú àdìpọ̀.

Àdìpọ̀ kan gba aṣọ tìmùtìmù méjì àti aṣọ ìnuwọ́ mẹ́rin. Nínú 18 dúdú yẹn, ó ṣe àdìpọ̀ mẹ́jọ, ìyẹn 16, pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ 32. Dúdú méjì tó ṣẹ́ kù àti aṣọ ìnuwọ́ mẹ́rin, ó tì wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò kọ wọ́n sójú ewé kankan. Bí ẹrù kan bá sọnù lọ́nà, tàbí tí ẹnì kan bá rí ibi tí òwú ti tú, àdìpọ̀ odindi kan wà nílẹ̀ tá a lè fi rọ́pò. Nínú 12 fẹ́ẹ́rẹ́, ó kọ 11 sójú ewé ẹlẹ́yọ, ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Aṣọ ìnuwọ́ mẹ́jọ tó kù di ọ̀wọ́ méjì, mẹ́rin mẹ́rin. Ó kọ́ àdìpọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú páálí lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó di wọ́n, ó kó wọn sórí àjà. Ohun tó wà lórí àjà, kò sẹ́ni tó máa fi kún ti ẹlẹ́yọ nígbà tí ọjà bá gbóná. Mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀rọ ìṣirò wà tó ń so ewé méjì pọ̀ tí iye sì ń yọ fúnra rẹ̀. Fún ṣọ́ọ̀bù tó ní ọjà 30, àjà ló dára jù.

Wàyí o, owó. Aṣọ tìmùtìmù kan jẹ́ pọ́n-ùn 18, aṣọ ìnuwọ́ mẹ́rin jẹ́ pọ́n-ùn 16. Ká ní ẹnì kan rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, méjì àti mẹ́rin yẹn á jẹ́ pọ́n-ùn 52. Pọ́n-ùn 46 ni ìyàwó mi fi lé àdìpọ̀. Mo ní kó jẹ́ 40 kó lè yá, ó wò mí bí ẹni tí kò tíì dúró nídìí àtẹ rí. Etsy ń mú ìpín 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí iye tí ọjà jẹ́, àwọn tó ń gba owó náà wọlé sì ń mú ìpín 4 àti kọ́bọ̀ 20 sí i nílẹ̀ Bìrìtéènì. Lórí pọ́n-ùn 46, ìyẹn ti lé ní pọ́n-ùn 5 kí a tó dá orúkọ aṣọ, òwú àti páálí. Pọ́n-ùn 6 tá a gé kúrò tó láti mú ẹni tó ń wá ẹ̀bùn yà sọ́dọ̀ wa. A sì lè kọ ọ́ síbẹ̀ láìpurọ́ pé ó dín ní pọ́n-ùn 6 sí rírà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí pé iye ti ẹlẹ́yọ wà lójú ewé tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò. Àwọn tó ń kọ́kọ́ fi owó lé e ní Oṣù Kẹwàá kí wọ́n lè gé e padà lọ́jọ́ Jímọ̀ títà pọ̀ọ̀ yẹn, ẹ̀tàn ni wọ́n ń ṣe.

Ibi tí àdìpọ̀ ti ń jẹ èrè tí ọ̀pọ̀ kì í rí ni owó ìfìránṣẹ́. Aṣọ tìmùtìmù kan, tí a bá ṣẹ́ ẹ dáadáa sínú ápò ìwé, ń kọjá gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ńlá ní iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Rọ́yà Mẹ́ìlì, nítorí pé òfin wọn ni pé lẹ́tà ńlá kò gbọ́dọ̀ nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Ní pósífíìsì àdúgbò wa, wọ́n ní pátákó kan tó ní ihò gbọọrọ. Bí ápò náà bá gba ihò yẹn kọjá, lẹ́tà ni. Bó bá há, ẹrù kékeré ni, owó rẹ̀ sì ga jùyẹn lọ. Àdìpọ̀ tiwa, pẹ̀lú páálí àti rípọ́ọ̀nù, kò tilẹ̀ sún mọ́ ihò náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé láti ṣí ewé tuntun fún àdìpọ̀, ohun tó yá jù ni kéèyàn ṣe ẹ̀dà ewé ẹlẹ́yọ, kó wá yí àkọlé àti àwòrán padà. Owó ìfìránṣẹ́ lẹ́tà á bá a wọlé láìsọ̀rọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, èmi ni mo ń fi owó àpò mi dí àlàfo yẹn ní pósífíìsì kí n tó béèrè ohun tó fà á.

Nígbà tí àjà ti kún, tí iye ti wọlé, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kàn. Etsy fàyè gba ọ̀rọ̀ ìṣàwárí 13 fún ewé kọ̀ọ̀kan, inú àpótí `Tags` ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọ́dọ̀ ju àmì 20 lọ, àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ sì wà lára rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kó dà bí eré ayò. `christmas gift for mum` jẹ́ àmì 22, kò wọlé. Yọ `for` kúrò, ó di `christmas gift mum`, àmì 18, ó wọlé. `african gift for her` jẹ́ 20 géérégé. Ìyàwó mi máa ń fi ìka kà wọ́n, àwọn ọmọ á máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo 13 ló ń yí padà. Ó kọ́kọ́ ṣí ojú ewé `Stats`, ó yan Oṣù Kọkànlá ọdún tó ṣáájú, ó sì wo ọ̀rọ̀ táwọn ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. `adire cushion cover` àti `indigo blue cushion` ló ń mú ènìyàn wá lójoojúmọ́ ayé, Kérésìmesì o, Ẹrẹ́nà o. Wọn kò kúrò. Àwọn mẹ́rin tí kò mú ẹnì kankan wá láti oṣù mẹ́fà ló yọ, ipò wọn sì lọ̀rọ̀ ọdún gbà. Bó bá yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan, tí ọjà sì dákẹ́, kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Bákan náà ló ṣe jẹ́ pé ewé àtijọ́ ló ń tún ṣe, kì í pa á rẹ́ ṣí tuntun, torí àwọn tó ti fi àmì ọkàn sí ewé yẹn láti inú ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń padà wá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nípa ọ̀rọ̀ ni kéèyàn lo ọ̀rọ̀ ọdún tí ọjà rẹ̀ kò bá mu. Lọ́dún kan, a kọ `christmas cushion`. Àwọn tó wò ó pọ̀ sí i gan-an, inú wa dùn fún ọjọ́ mẹ́ta, àmọ́ a ò rí ẹni rà. Nígbà tí mo fọwọ́ ara mi tẹ ọ̀rọ̀ náà, mo rí ohun tó ń wá sókè: tìmùtìmù pupa, tìmùtìmù aláwòrán ẹranko oníwo, Bàbá Kérésì lóríṣiríṣi. Ohun tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ń fẹ́ nìyẹn. Àdìrẹ aláró kan ṣoṣo láàárín wọn dà bí ẹni tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ wá síbi ìyàwó. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láti fi wò ó, wọ́n ń padà lọ, bí ọ̀pọ̀ bá sì ń wò tí wọn kò rà, ẹ̀rọ ìṣàwárí á bẹ̀rẹ̀ sí í tì yín sẹ́yìn. Àdìrẹ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fúnni nígbà Kérésìmesì ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ló yẹ ẹ́. Ohun kan náà ló jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ Kwanzaa sílẹ̀, àjọ̀dún àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 26 Oṣù Kejìlá. Dúdú, pupa àti ewéko ni àwọ̀ wọn, aró kò sí níbẹ̀.

Ẹni tí ẹ ń tà fún náà ń pinnu ọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn ará Bìrìtéènì ń pè ní `cushion cover`, `throw pillow cover` ni lẹ́nu ará Amẹ́ríkà. `mum` níbí, `mom` lọ́hùn-ún. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kó sínú ìbọ̀sẹ̀ Kérésìmesì jẹ́ `stocking filler` níbí, `stocking stuffer` lọ́hùn-ún, ojú ewé aṣọ ìnuwọ́ ni ìyàwó mi sì fi ìyẹn sí, kì í ṣe ti àdìpọ̀ olówó pọ́n-ùn 46. Tẹ́lẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ wa ló jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 Oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ti fòpin sí ààyè tí ẹrù tí kò ju dọ́là 800 lọ ní láti wọlé láìsan owó ibodè. Owó orí ẹrù kékeré ti wá di ohun tó yẹ kí a sọ fún oníbàárà kó tó sanwó, nítorí náà ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà kù méjì lára 13 wa. Àmì ohùn Yorùbá ńkọ́? Ó wà nínú àlàyé, níbi tá a ti sọ ìtàn àwòrán Ìbàdàndùn tó ní òpó Gbọ̀ngàn Mápó lára. Nínú àpótí ọ̀rọ̀, `adire` lásán la kọ, torí bẹ́ẹ̀ làwọn ènìyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ nípa ẹrù tó wà nílẹ̀ àti ọjọ́ tó ń dé. Fún iye tó kù, a kì í kọ nǹkan kan. Bí iye inú `Quantity` bá ti lọ sílẹ̀, Etsy fúnra rẹ̀ á kọ ọ́ síbẹ̀ pé díẹ̀ ló kù. Mo mọ àwọn tó ní ogún nílẹ̀ tó ń kọ 1 kí ẹ̀rù lè ba oníbàárà. Oníbàárà tó fẹ́ mẹ́rin á wò ó pé ọ̀kan ló kù, á sì lọ rà á níbòmíì. Ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ ni kókó. Rọ́yà Mẹ́ìlì máa ń kéde lọ́dọọdún ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹrù lè wọ ọwọ́ wọn kó tó lè bá Kérésìmesì. Fún ìfìránṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ká ní ọjọ́ 17 Oṣù Kejìlá ni. A kì í kọ ọjọ́ 17 sójú ewé wa. Ọjọ́ méjì ni èmi fi ń dì í tí mo sì ń gbé e lọ, torí mo níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ọjọ́ kan sì wà fún òtútù, àìsàn ọmọ tàbí ọkọ̀ tí kò wá. Ọjọ́ 14 la kọ, ìlà àkọ́kọ́ nínú àlàyé la sì kọ ọ́ sí, torí lórí fóònù ìlà bíi mélòó kan ló ń hàn kí ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́ síwájú. Bí ẹ bá kọ ọjọ́ yẹn ṣùgbọ́n tí ẹ gbàgbé `Processing time`, iṣẹ́ òfo ni. Etsy ń fi àkókò ìpalẹ̀mọ́ tí ẹ kọ síbẹ̀ ṣe ìṣirò ọjọ́ tí ẹrù á dé, ọjọ́ yẹn ló sì ń fi han oníbàárà gẹ́gẹ́ bí ìlérí. Tí ẹ bá ṣì fi í sí ọjọ́ kan bíi ti Oṣù Kẹfà, ìlérí tí ẹ ò ṣe ló ń bá yín ṣe.

A kì í sì í kọ ọ́ pé ẹrù tuntun ń bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Abẹ́òkúta ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ní, "Àbúrò, ẹ máà bínú, òjò ò jẹ́ kí aró gbẹ. Ọjọ́ méjì la fi sá èyí tó yẹ kó gbẹ lọ́sàn-án kan." Òjò Ìtòkú kò mọ ọjọ́ Kérésìmesì ará Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí kò bá tíì sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ wa, kò sí lójú ewé.

Nǹkan kékeré kan wà tó fẹ́ kọjá lójú wa. Oṣù mẹ́rin ni ewé kan ń lò lórí Etsy kó tó kógbá, sẹ́ǹtì 20 dọ́là ni wọ́n sì ń gbà láti sọ ọ́ dọ̀tun. Ewé tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹjọ á parí ní ọjọ́ 14 Oṣù Kejìlá, láàárín gbùngbùn ọjà, àyàfi bí ẹ bá ti ní kó máa sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. Ewé aṣọ ìnuwọ́ wa ló fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi rí i nítorí pé ó ti ń wo ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 Oṣù Kejìlá, ó yọ ìlà nípa ọjọ́ ìkẹyìn kúrò. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní ọdún tuntun, ọ̀rọ̀ Kérésìmesì mẹ́rin yẹn kúrò, `new home gift` àti `housewarming gift` wọlé, `mum` sì dúró, torí inú Lẹ́ǹtì ni ọjọ́ àwọn ìyá máa ń bọ́ sí nílẹ̀ Bìrìtéènì, Oṣù Karùn-ún ni ti Amẹ́ríkà. Àdìpọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tà. Ọ̀kan sọnù lọ́nà, a ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, a fi èyí tó wà níbẹ̀ rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́kànlá náà tán. Ọ̀kan tá a fi sílẹ̀ ló wà lórí àga tí mo jókòó sí yìí.